Igun mẹ́rin àti orí ọ̀já méjì: níbo ni mo ti ṣì í nínú ọ̀já etí kúìlìtì mi?

Àdùkẹ́ Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń rán kúìlìtì kan, aṣọ ìbora onípele mẹ́ta, fún màmá mi. Àwọn aṣọ bàbá mi tó ti dolóògbé ni mo gé pọ̀ fún un: àdìrẹ mẹ́ta, àǹkárá méjì àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Ojú rẹ̀ ti parí, mo ti tẹ́ òwú sí inú, mo ti rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo sì ti gé etí rẹ̀. Ínǹṣì 50 ló fẹ̀, 60 ló gùn. Ọ̀já tí a fi ń dì í létí ló kù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì ti dúró.

Ọ̀já tí mo gé fẹ̀ ní ínǹṣì 2½. Mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì ní gígùn, mo lọ̀ ọ́, mo wá ń rán an mọ́ ojú kúìlìtì. Igun àkọ́kọ́ jáde dáadáa, ó mú ṣóńṣó bí ti férémù àwòrán. Ìkejì rí róbótó bí etí àwo. Ìkẹta ní ihò kékeré kan tí orí píìnì lè gbà kọjá. Mi ò tíì fọwọ́ kan ìkẹrin, mo fò ó ni.

Orí ọ̀já méjèèjì ló wá dá mi lágara jù. Mo kọ́kọ́ ki ọ̀kan bọ inú ìkejì, ó wú bíi pé mo fi òkúta sí i. Mo tú u. Mo tún rán wọn pọ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, láti igun dé igun, bí mo ṣe rí i nínú fídíò kan, ọ̀já náà kúrú, ó sì fa etí kúìlìtì ṣùjọ. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́? Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta kí oṣù yìí tó parí.

Télọ̀ Mókọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ti ń ránṣọ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ohun tó ṣe yín ni pé ẹ ò gé ọ̀já yẹn ní báyásì, ìyẹn ní ìdàgẹ̀rẹ̀ aṣọ. Aṣọ tí a gé tààrà kì í yí igun, ẹ wò ó lára ọrùn bùbá: bí télọ̀ bá gé ọ̀já rẹ̀ tààrà, ọrùn yẹn máa ká sókè. Ẹ gé òmíràn ní báyásì, ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ti dé igun, á yí fúnra rẹ̀.

Ti orí ọ̀já, fídíò yẹn kò purọ́. Láti igun dé igun ni a ń rán an, nítorí bí a bá rán an tààrà, gbogbo aṣọ tó kù lẹ́yìn máa kó jọ sí ojú kan, ibẹ̀ á wú.

Màmá Houston

Àdùkẹ́, ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Kí n tó sọ ohunkóhun, mú tépù. Wọn àlàfo tó wà láàárín ojú rírán rẹ àti etí aṣọ, ní ẹ̀bá igun àkọ́kọ́ àti ní ẹ̀bá igun kejì. Kí o tún sọ fún mi ibi tí o máa ń dúró kí o tó yí kúìlìtì padà ní igun.

Télọ̀, mo kí yín. Ẹ ṣì sọ òótọ́ nípa ọrùn bùbá. Ṣùgbọ́n ọrùn bùbá jẹ́ ibi tó tẹ̀, igun kúìlìtì kò tẹ̀. Bí etí kúìlìtì bá rí kòrókòtò bí etí ìkarahun, báyásì ni mo máa gé láìjiyàn. Ti Àdùkẹ́ yìí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tó gún ni. Ní igun, a kì í fa ọ̀já kí ó yí, a máa ń ṣẹ́ ẹ po ni. Bí a bá fà á, á fún etí mọ́ra lọ́jọ́ tí a rán an, lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́ igun yẹn á tẹ orí ba.

Káfíńtà Ìkòròdú

Ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe, ìyàwó mi ló ń ránṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ férémù ló jẹ́ kí n dá sí i. Kí ló dé tí ẹ ò gé ọ̀já mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ gé orí kọ̀ọ̀kan ní ìdajì igun, dígírì 45, kí ẹ wá rán wọn pọ̀ bí a ṣe ń lẹ igi férémù? Bẹ́ẹ̀, kò ní sí orí ọ̀já tí ẹ máa wá kiri.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé kúìlìtì yẹn gún ní tòótọ́? Ẹ wọ̀n ọ́n láti igun sí igun tó dojú kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìlà méjèèjì dábùú ara wọn. Pẹ̀lú 50 àti 60, ó yẹ kí ẹ rí 78 àti díẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gùn ju ìkejì lọ, igun yín kò dọ́gba, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ rán an tó máa mú ṣóńṣó.

Màmá Houston

Bàbá Káfíńtà, mo dúpẹ́ lórí wíwọ̀n yẹn, ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ránṣọ kì í ṣe é, ó sì yẹ kí a máa ṣe é kí ọ̀já tó kan aṣọ rárá. Àwọn kan ń rán ọ̀já mẹ́rin bí ẹ ṣe sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé e ní igun, ojú rírán máa wà ní ṣóńṣó gan-an, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ gbó, torí ibẹ̀ la máa ń dì mú. Ní tiwa a kò gé e ní igun. Ọ̀já kan ṣoṣo ló máa yí gbogbo rẹ̀ ká, ṣíṣẹ́ lásán la ṣẹ́ ẹ po.

Àdùkẹ́ Leeds

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti wọ̀n ọ́n, ẹnu sì yà mí. Ní ẹ̀bá igun àkọ́kọ́, kọ́tà ínǹṣì ni. Ní ìkejì àti ìkẹta, 3/8 ni! Mo wá rántí: lẹ́yìn igun àkọ́kọ́, aṣọ tó wà lókè ń sún síwájú ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ni mo bá pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, mo fi èyí tó tóbi sí i, tó máa ń gbé ìgbésẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. Etí rẹ̀ ni mò ń fi tọ etí aṣọ. Níbi gbogbo, mo máa ń dúró ní kọ́tà ínǹṣì sí igun, torí ohun tí fídíò sọ nìyẹn. Àfi ìkẹta, ojú ni mo fi wò ó, mo rò pé mo ti dé ibẹ̀.

Bàbá Káfíńtà, mo rí 78 àti díẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ó gún.

Màmá Houston

Ohun tí mo fura sí náà nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ńlá yẹn fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, etí rẹ̀ kì í ṣe kọ́tà.

Fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò sí àdììtú kankan nínú kọ́tà ínǹṣì tí wọ́n ní kí o dúró sí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé iye tí o fi jìnnà sí etí aṣọ bí o ṣe ń rán an bọ̀, iye yẹn gan-an ni kí o kù sí igun nígbà tí o bá dúró. Bí o bá ń rán ní 3/8, dúró ní 3/8. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú rírán ẹ̀gbẹ́ tó kàn máa gba ibẹ̀ kọjá. Ojú rírán méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé ní ojú kan ṣoṣo, kí ọ̀kan má kọjá èkejì, kí ó má sì kù síbi kan.

Ní igun kejì, o ń rán ní 3/8 ṣùgbọ́n o dúró ní kọ́tà. O ti rìn kọjá ibi ìpàdé. Òwú ìránṣọ wá di aṣọ tó yẹ kó ṣẹ́ po mọ́lẹ̀, kò lè yọrí jáde mọ́, ó sì rí róbótó. Ní ìkẹta, ojú ló tàn ọ́, o dúró kí o tó débẹ̀. Àlàfo tí òwú kò dé láàárín ojú rírán méjèèjì ni ihò yẹn. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí igun rẹ̀ bá yí róbótó, kó mọ̀ pé òun ti rán kọjá. Ẹni tó bá rí ihò, kó mọ̀ pé òun ti tètè dúró.

Bó ṣe yẹ kí o ṣe é nìyí. Lẹ́yìn tí o bá ti yan iye tí o fẹ́ rán, fi rúlà àti ṣọ́ọ̀kì sàmì kékeré sí ibi tí o máa dúró ní igun kọ̀ọ̀kan, má fi ojú wò ó. Rán bọ̀ títí dé àmì náà, jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀, gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, yí kúìlìtì díẹ̀, kí o rán jáde tààrà sí ṣóńṣó igun. Ìlà kúkúrú tó jáde sí ṣóńṣó yẹn ló máa fi ibi tí ọ̀já yóò ti ṣẹ́ hàn ọ́. Gé òwú, mú aṣọ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Yí kúìlìtì kí ẹ̀gbẹ́ tó kàn wà ní apá ọ̀tún rẹ. Gbé ọ̀já sókè, kúrò lórí kúìlìtì, kí etí rẹ̀ bọ́ sí ìlà kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó kàn, bíi pé ẹ̀gbẹ́ náà ń gùn lọ sókè. Á ṣẹ́ ní ìdajì igun lórí ìlà kúkúrú yẹn. Fi ìka tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, má gbé e kúrò. Wá dá ọ̀já padà wá sísàlẹ̀, lé ara rẹ̀ lórí, kí ó tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ tuntun. Níbi tó ti ṣẹ́ lókè, kí ó bá etí ẹ̀gbẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán dọ́gba gẹ́lẹ́. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ ju etí lọ, ọ̀já kò ní tó láti bo ṣóńṣó. Bí ó bá yọ sókè, igun á ní ìmú. Bẹ̀rẹ̀ sí í rán láti etí òkè pátápátá, má bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

Tú igun kejì àti ìkẹta, bí ínǹṣì 4 ní ọ̀tún àti 4 ní òsì tó. Kò pọn dandan kí o tú gbogbo rẹ̀.

Ìyá Èjìrẹ́ Òṣogbo

Ẹ kú àlàyé, Màmá. Èmi ò ní ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé ìgbésẹ̀ o, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo ń lò, aṣọ tó wà lókè sì máa ń sún ní tèmi náà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé kí n tó gbé ọ̀já lé e, mo máa ń rán etí kúìlìtì yí ká lẹ́ẹ̀kan, ojú rírán gígùn, kò ju 1/8 sí etí. Ó ti so ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra nígbà yẹn, kò sí èyí tó lè sá.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló gbé mi wá. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ní àdìrẹ wà níbẹ̀, ẹ ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà níbẹ̀. Ṣé aró ni àbí kẹ́míkà? Èwo nínú aṣọ yẹn lẹ sì fi ṣe ọ̀já? Lọ́dún kan, mo fi àdìrẹ aláró tí mi ò tíì fọ̀ dá etí aṣọ ìbora ọmọ tuntun kan, aṣọ náà funfun. Ìfọ̀ àkọ́kọ́, ìlà búlúù yí gbogbo etí rẹ̀ ká, ìyá ọmọ náà kò sọ nǹkan kan ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fọ aṣọ ọ̀já lọ́tọ̀, mo máa ń ṣàn án títí omi fi máa mọ́, lẹ́yìn náà mo máa fi aṣọ funfun tó tutù ra á dáadáa. Bí búlúù bá ṣì ń jáde sára aṣọ funfun yẹn, kò tíì tó rán mọ́ nǹkan.

Àdùkẹ́ Leeds

Ìyá Èjìrẹ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àbámọ̀. Aláró ni, wọ́n rà á ní Ìtòkú, èyí tó dúdú jù nínú wọn gan-an ni mo fi ṣe ọ̀já. Mi ò fọ̀ ọ́. Mo rò pé nítorí pé bàbá ti wọ̀ ọ́ títí, ó ti jáde tán. Mo ti fi aṣọ funfun tó tutù ra á lónìí, búlúù jáde.

Ìyá Èjìrẹ́ Òṣogbo

Wíwọ̀ yàtọ̀ sí fífọ̀. Àwọn bàbá wa kì í jẹ́ kí a máa fọ àdìrẹ wọn lemọ́lemọ́. Ẹ ní sùúrù, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má fi omi gbígbóná pa á.

Télọ̀ Mókọ́lá

Màmá, mo gbọ́ yín lórí igun, mo sì gbà. Mo dán an wò lórí aṣọ àlòkù lánàá, ó ṣẹ́ dáadáa láìlo báyásì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì jáwọ́ nínú báyásì pátápátá. Ọ̀já tí a gé tààrà, òwú kan náà ló máa wà ní bèbè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí òwú yẹn bá gbó, gbogbo bèbè ló gbó. Ti báyásì, òwú púpọ̀ ló pín bèbè yẹn láàárín ara wọn. Ṣé ẹ ò rí i pé ó máa pẹ́ jù?

Màmá Houston

Télọ̀, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí níbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn kò sì gbà. Nínú ilé tèmi, kúìlìtì tí àwọn ọmọ mi fi dàgbà, tààrà ni ọ̀já rẹ̀, ó lé ní ogún ọdún kí bèbè rẹ̀ tó là. Mi ò lè sọ pé báyásì kò ní pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé báyásì ń jẹ aṣọ, ó sì máa ń gùn sí i lọ́wọ́ ẹni tí kò bá mọ́ ọn lára, etí kúìlìtì á wá máa jó bí ìgbì omi. Aṣọ bàbá Àdùkẹ́ kò pọ̀. Kó gé e tààrà, láti etí aṣọ kan dé èkejì ní fífẹ̀. Ní ìhà ibẹ̀ aṣọ ṣì máa ń fà díẹ̀, ó ń ràn án lọ́wọ́.

Àdùkẹ́, ó yá ká lọ sí orí ọ̀já. Sọ fún mi: nígbà tí o gé orí méjèèjì, ínǹṣì mélòó ni wọ́n fi gun ara wọn?

Àdùkẹ́ Leeds

Ínǹṣì 2, mà. Iye tí ẹni tó wà nínú fídíò lò nìyẹn. Mi ò rántí iye tí ọ̀já tirẹ̀ fẹ̀.

Màmá Houston

Ọ̀já tirẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 2 nìyẹn. Ìwọ̀n ọ̀já ara rẹ̀ ló lò, kì í ṣe iye kan tó wà fún gbogbo ayé. Tìrẹ fẹ̀ ní 2½, nítorí náà 2½ ló yẹ kí wọ́n fi gun ara wọn. Ìdajì ínǹṣì tó ṣẹ́kù ni o pàdánù, òun ló fa etí ṣùjọ.

Mo fẹ́ kí o rí ìdí rẹ̀, kí o má baà há a sórí lásán. Nígbà tí o bá tú ọ̀já méjèèjì sílẹ̀, tí o gbé ọ̀kan dábùú lórí èkejì, ibi tí wọ́n ti bo ara wọn jẹ́ onígun mẹ́rin tó dọ́gba: ínǹṣì 2½ sí 2½. O rán an láti igun dé igun, ìdajì onígun mẹ́rin yẹn lọ lára ọ̀já òsì, ìdajì lọ lára ti ọ̀tún. Bí o bá ṣí i, àpapọ̀ ohun tí wọ́n jẹ jẹ́ 2½ gẹ́lẹ́. Nítorí náà, má fi ohunkóhun kún un fún rírán, rírán ti wà nínú rẹ̀.

Ìwọ̀n tí n kì í gbàgbé nìyí: nígbà tí mo bá ń gé ọ̀já, mo máa ń fi pẹlẹbẹ kan tí mo gé kúrò lórí rẹ̀ pamọ́. Nígbà tó bá dé orí, mo máa ṣí i sílẹ̀, mo máa fi òun gan-an wọn iye tí wọ́n máa fi gun ara wọn. Kò sí bí ó ṣe lè parọ́, torí ọ̀já fúnra rẹ̀ ni.

Bó ṣe máa lọ nìyí. Má bẹ̀rẹ̀ ní tòsí igun, àárín ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ló dára, kí o fi ínǹṣì 10 ọ̀já sílẹ̀ láìrán ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o bá yí ká tán, dúró nígbà tí àlàfo tó kù bá jẹ́ 10 sí 12. Bí àlàfo bá kéré ju ìyẹn lọ, ọwọ́ rẹ kò ní rí àyè yí ọ̀já, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bínú sọ ọ́ nù. Tẹ́ orí òsì sílẹ̀ lórí etí kúìlìtì, gé e láàárín àlàfo. Tẹ́ ti ọ̀tún lé e lórí, má fà á, má sì jẹ́ kí ó dẹ̀, gé e níbi tó ti gun ti òsì ní 2½.

Wá ṣẹ́ kúìlìtì pọ̀ lábẹ́ àlàfo náà, kí o fi píìnì ńlá mú un bẹ́ẹ̀, kí orí méjèèjì lè sún mọ́ ara wọn. Ṣí ti òsì, kí ojú aṣọ wo òkè. Ṣí ti ọ̀tún, kí ojú aṣọ wo ìsàlẹ̀, gbé e dábùú lórí rẹ̀, kí ojú kọjú sí ojú. O máa rí onígun mẹ́rin yẹn. Èwo nínú ìlà méjì ni kí o rán? Ibí yìí ni ọ̀já rẹ máa ń lọ́. Wo igun ibi tí orí ọ̀já méjèèjì ti parí pa pọ̀. Ibẹ̀ ni a máa gé dànù. Ìlà rẹ kò gbọ́dọ̀ kan igun yẹn, àárín igun méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó gbà.

Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà náà, fi píìnì mú un, kí o tó rán an ṣí i wò. Bí ó bá lọ́, píìnì lo máa yọ. Lẹ́yìn rírán, tún ṣí i wò lórí kúìlìtì kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, gé ìyókù kù sí kọ́tà ínǹṣì, fi áyọ́ọ̀nù la ojú rírán sí ọ̀tún àti òsì, ṣẹ́ ọ̀já padà sí méjì, rán àlàfo tó kù.

Àdùkẹ́ Leeds

Mà, ọ̀já tí mo ti gé yẹn ńkọ́? Ó ti kúrú, mi ò lè dá a padà.

Màmá Houston

Kò ṣòfò. Gé ojú rírán tí kò dára yẹn kúrò. Tú ojú rírán sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan títí àlàfo yóò fi tó 12. Mú ọ̀já tuntun bí ínǹṣì 18, rán an mọ́ orí ọ̀tún láti igun dé igun, lọ̀ ọ́. Ó ti ní orí gígùn nìyẹn, bẹ̀rẹ̀ wíwọ̀n 2½ rẹ láti ibẹ̀. Ojú rírán kan ni yóò fi lé sí i, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá fẹ́ fọ àdìrẹ yẹn tí o sì fẹ́ lò ó, tú gbogbo rẹ̀, kí o gé ọ̀já tuntun. Yíká kúìlìtì rẹ jẹ́ 220. Fi 12 kún un fún àwọn orí, 232. Bí aṣọ rẹ bá fẹ̀ ní 44 lẹ́yìn tí o bá ti gé bèbè rẹ̀ kúrò, ọ̀já 6 ló máa gbà. Ojú rírán 5 tó so wọ́n pọ̀ yóò jẹ 12½, ohun tó máa kù ní ọwọ́ rẹ jẹ́ 251½. Ọ̀já 5 kò ní tó. Ìdajì yáàdì aṣọ ti tó, yóò tún ṣẹ́kù.

Kí o tó rán, fi ọ̀já yí kúìlìtì ká lásán. Bí ojú rírán kan bá bọ́ sí igun, sún ibi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ díẹ̀. Ní igun, ọ̀já onípele méjì ti ṣẹ́ sí mẹ́ta, ìpele 6 ni, láì ka kúìlìtì fúnra rẹ̀. Bí ojú rírán bá tún wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ lè ṣẹ́.

Tọ́pẹ́ Peckham

Ẹ kú iṣẹ́. Ǹjẹ́ ẹ ti gbìyànjú aṣọ òkè fún ọ̀já rí? Mo ní ìpelé kan tí mo fẹ́ fi dá etí èyí tí mò ń rán fún ìgbéyàwó.

Màmá Houston

Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Má ṣẹ́ ẹ sí méjì bí ti aṣọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ka ìpele 6 yẹn kí o wo bí ó ṣe máa nípọn. Ìpele kan ṣoṣo ni mo lò, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ wọlé nígbà tí mo ń fi ọwọ́ rán ẹ̀yìn. Igun rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò mú tó ti àǹkárá. Orí ọ̀já ni mi ò rí ojútùú rẹ̀: bí mo ṣe gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ló ń tú lówùúlówùú. Bí ẹnikẹ́ni níbí bá mọ ohun tí a lè ṣe sí i, kó sọ fún wa.

Télọ̀ Mókọ́lá

Fún ti aṣọ òkè, mo máa ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó gé e. Mi ò tíì ṣe é lórí ohun tí a máa ń fọ̀ lemọ́lemọ́, nítorí náà mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Àdùkẹ́ Leeds

Ẹ kú àtìlẹ́yìn. Mo fọ àdìrẹ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kẹrin ni aṣọ funfun mọ́. Mo gé ọ̀já 6. Mo fi rúlà wọn ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ńlá náà, mo lẹ tépù aláwọ̀ sí ara ẹ̀rọ ní kọ́tà ínǹṣì gan-an, òun ni mò ń fi tọ etí aṣọ báyìí. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo wọn bí ẹ ṣe wí, ó sì rọrùn débi pé inú bí mi sí ọjọ́ tí mo ti fi ṣòfò.

Orí ọ̀já náà, nígbà àkọ́kọ́ tí mo fi píìnì mú un, ó lọ́. Mo ti fa ìlà náà gba igun tí ó yẹ kí n gé dànù. Mo yọ píìnì, mo fa ìkejì, mo ṣí i, ó tẹ́. Mo rán an, mo fi ọwọ́ ra ibẹ̀ títí, mi ò mọ ibi tó wà mọ́ àfi tí mo bá wo ojú rírán rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀yìn ló kù. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán an, ṣùgbọ́n ní igun àkọ́kọ́ lẹ́yìn, ó nípọn ju iwájú lọ.

Màmá Houston

Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Wo igun náà níwájú, wo ìhà tí aṣọ tó ṣẹ́ po sùn sí. Ní ẹ̀yìn, ṣẹ́ ẹ kí ó sùn sí ìhà kejì. Bí méjèèjì bá sùn sí ìhà kan náà, gbogbo ìpele á gun ara wọn. Fi òwú ìránṣọ tó bá àwọ̀ ọ̀já mu, kì í ṣe èyí tó bá ẹ̀yìn kúìlìtì mu. Bí o bá dé igun, ki abẹ́rẹ́ bọ inú ibi tó ṣẹ́ po, rán ẹnu rẹ̀ pa ní ẹ̀yìn àti níwájú, bí ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹnu tí a kò bá rán pa, ìka ọmọdé ló máa ń wọ̀ ọ́.

Ìyá Èjìrẹ́ Òṣogbo

Èmi fi ẹ̀rọ parí ẹ̀yìn tèmi, mà. Mo máa ń rán ọ̀já mọ́ ẹ̀yìn kọ́kọ́, kí n tó yí i wá sí iwájú, ojú rírán tó kẹ́yìn á wá wà níwájú níbi tí ojú mi ti lè máa ṣọ́ ọ. Ó yára ju ọwọ́ lọ, ó sì lágbára bí a bá ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Màmá Houston

Òótọ́ ni, fún ti ọmọdé èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ti Àdùkẹ́ yìí, ọwọ́ ni mo máa fi rán an.

Àdùkẹ́ Leeds

Ọwọ́ ni mo fi ń rán an. Mo yí igun yẹn sí ìhà kejì, ó tẹ́. Ẹ̀gbẹ́ méjì ti parí, mo wà ní ẹ̀gbẹ́ kẹta, ní ibi tí àpò ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà.